Ìkéde Ara Géètì: Kí Ló Ń Bọ́ Eku ní Lekki àti Ajah?

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìwé kan kì í pẹ́ yọ lára géètì àwọn ẹ́sítéètì tó wà láàrin Lekki àti Ṣàngótẹ̀dó. Ẹgbẹ́ onílé ló máa ń fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í gùn: eku ti pọ̀ ládùúgbò, kí olúkúlùkù kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ìdọ̀tí sílẹ̀ mọ́, ẹni tó bá kọ̀, yóò san owó ìtanràn. Àwọn kan á kà á, wọ́n á mi orí. Àwọn mìíràn á kọjá lára rẹ̀, wọ́n á lọ ra òògùn eku lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri ní Jakande. Orí yìí máa ṣàlàyé ìdí tí ìwé ara géètì yẹn fi mọ̀ nípa eku ju òògùn ọmọ akiri lọ, àti ibi tí ìwé náà fúnra rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó.

Nígbà kan, ìjọba ló ń fi agbára mú wa kó gọ́tà. Láti ọdún 1984, nígbà ìjọba ológun Buhari àti Ìdíágbọ̀n, ni ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó àyíká ti di dandan. Ó wá di pé ní Èkó, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti aago méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀, ọkọ̀ kì í rìn, èrò kì í jáde. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé ìsémọ́lé yẹn, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé kò bófin mu. Mi ò sọ pé kí wọ́n dá a padà. Ohun tí mo ń sọ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo òpópónà jọ ń kó gọ́tà pọ̀ mọ́, àfi èyí tí ẹgbẹ́ onílé bá dá. Ẹ máa rí i níwájú pé kí gbogbo ilé jọ ṣe é pọ̀ ṣe pàtàkì gan-an nínú ọ̀rọ̀ eku.

Ká kọ́kọ́ mọ eku tí à ń bá jà. Mẹ́ta ló yẹ ká yà sọ́tọ̀. Èkíní ni eku gọ́tà, èyí tó tóbi, tó sanra, tí etí rẹ̀ kéré, tí ìrù rẹ̀ kò gùn tó ara rẹ̀. Ilẹ̀ ló máa ń gbẹ́, ó mọ odò wẹ̀, ó sì fẹ́ràn etí omi. Èkejì ni eku òrùlé, tó tínínrín, tí etí rẹ̀ fẹ̀, tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Òun ló ń gun wáyà àti igi mángòrò wọ òkè àjà. Ẹ̀kẹta ni eku kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tí abo rẹ̀ ní ọmú tó lè tó mẹ́rìnlélógún, tó ń gbé oko, tó sì ń wọ ilé ní abúlé. Ẹ̀kẹta yìí ló ń gbé kòkòrò ibà Lásà kiri. Ní àwọn ìlú ńlá etí òkun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, eku méjì àkọ́kọ́, tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé láyé ìgbà kan, ló sábà máa ń pọ̀ jù. Nítorí náà, èyí tí ẹ rí lábẹ́ ìdérí kọnkéré gọ́tà ní Àgúngì tàbí ní Báàdóòrè ní aago mọ́kànlá òru, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ eku gọ́tà.

Eku gọ́tà kì í rin ìrìn àjò. Bó bá ti rí oúnjẹ, omi àti ihò níbì kan, kì í sábà kọjá ìwọ̀n mítà 30 sí 50 láti ibi tó ń sùn. Pulọ́ọ̀tì tí a ń tà ní apá ibí yìí sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ojú títì, ìyẹn bíi mítà 18. Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, eku kan lè ka ilé méjì sí mẹ́ta ní apá ọ̀tún àti iye kan náà ní apá òsì sí ilé ara rẹ̀. Ó lè sùn lábẹ́ gọ́tà iwájú ilé yín, kó jẹun ní ẹ̀yìn ilé ẹnìkejì, kó sì mu omi lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ẹni kẹta. Fẹ́ńsì kò dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá dá nìkan tún ilé tirẹ̀ ṣe kì í fi í rí ìyípadà, tó sì máa ń rò pé ìmọ́tótó kò ṣiṣẹ́.

Báwo la ṣe wá mọ iye eku tí òpópónà kan lè gbà? Oúnjẹ ni ká fi wọ̀n ọ́n. Eku gọ́tà tó ti dàgbà ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 25 lóòjọ́, èyí tí kò ju ìwọ̀nba ìrẹsì tó kù sí ìsàlẹ̀ àwo lọ. Ká mú òpópónà kan tó ní ilé 40. Ká ní ilé kọ̀ọ̀kan ń fi gíráàmù 50 oúnjẹ sílẹ̀ lálaalẹ́ níbi tí eku lè dé: eegun adìẹ nínú ọ̀rá tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ géètì, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, oúnjẹ ajá tó kù nínú abọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 2. Kílò 2 yóò bọ́ eku 80, lójoojúmọ́, láìsinmi. Eku 80 náà ni òpópónà yẹn yóò máa ní, ì báà jẹ́ pé a pa díẹ̀ nínú wọn lónìí tàbí a kò pa.

Ká wá sọ pé ìkéde ẹgbẹ́ wọ ilé 35 létí, wọ́n ra dọ́sìbìnì onídèérí, oúnjẹ wọn kò sì dé ilẹ̀ mọ́. Ilé 5 kọ̀. Ilé 5 yẹn ṣì ń fi gíráàmù 250 sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bùkátérìà kan wà ní igun òpópónà tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ronú kàn nígbà tí wọ́n ń ṣírò ilé. Òun náà ń da kílò 1 omi ìrẹsì, ègé ẹran àti ẹ̀bà sínú gọ́tà lálaalẹ́ nígbà tó bá ń fọ ìkòkò. Kílò 1 àti gíráàmù 250 á ṣì bọ́ eku 50. Ilé 35 ti ṣe ohun tí a ní kí wọ́n ṣe, síbẹ̀ eku 50 ṣì wà ní òpópónà. Ẹgbẹ́ onílé tó fẹ́ rí èsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn yíká lálẹ́ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n wo ibi tí oúnjẹ ti ń wá ní tòótọ́, kí wọ́n tó tẹ ìwé kankan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ibi méjì tàbí mẹ́ta ló ń bọ́ èyí tó pọ̀ jù.

Ìṣirò yìí kì í ṣe àròsọ lásán. Ní ọdún 1940 sí 1949, ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ń jìyà eku, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀. Ọ̀kan lára wọn, David Davis, fi ọ̀pọ̀ ọdún ka eku ní àwọn àdúgbò ìlú náà. Ohun tó rí ni pé tí a bá fi májèlé tàbí pàkúté pa eku púpọ̀ ní àdúgbò kan, àwọn tó ṣẹ́kù á rí oúnjẹ àti àyè jẹ gbádùn, wọ́n á bí sí i, ọmọ wọn á sì yè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí iye wọn á fi padà sí ibi tó wà. Níbi tí wọ́n ti tún àyíká ṣe, tí wọ́n di ihò, tí wọ́n kó ìdọ̀tí, iye eku lọ sílẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ìdí kò jìnnà. Abo eku ń lóyún fún nǹkan bí ọjọ́ 22, ó lè bí ọmọ 8 lẹ́ẹ̀kan, ọmọ yẹn náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í bí láàrin oṣù méjì sí mẹ́ta. Tí òògùn bá pa 60 nínú eku 80 wa, tí 10 nínú 20 tó kù jẹ́ abo, bíbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jẹ́ ọmọ 80. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò yè, ṣùgbọ́n tí kílò 2 oúnjẹ bá ṣì wà nílẹ̀, èyí tó pọ̀ á yè.

Ó kan gọ́tà wàyí. Ìkéde máa ń sọ pé kí ẹ kó gọ́tà, kì í sọ ìdí. Lekki jẹ́ ilẹ̀ tóóró láàrin Ọ̀sà Èkó àti Òkun Àtìláńtíìkì, àbàtà sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi iyanrìn kún un. Ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, omi abẹ́ ilẹ̀ sì súnmọ́ òkè. Gọ́tà inú ẹ́sítéètì á ṣàn sí gọ́tà ojú pópó, ti ojú pópó á ṣàn sí àwọn ipa omi ńlá bíi èyí tí ìjọba ń pè ní Sístẹ̀mù 156 àti 157 ní agbègbè Ìkọ̀tà, ìyẹn náà á sì ṣàn lọ sínú ọ̀sà. Ní irú ilẹ̀ báyìí, gọ́tà lè má fi ju sẹ̀ǹtímítà 20 rẹlẹ̀ láàrin mítà 100. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe kéré tó. Iyanrìn tí wọ́n dà síwájú ilé tí wọ́n ń kọ́, tí òjò gbá wọlé, tó sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 10, ti gba ìdajì gbogbo ìsàlẹ̀ tí omi ní láti fi ṣàn. Omi á dúró. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà, ìgò rọ́bà àti ike funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ tà sí á wá gbá jọ lẹ́yìn iyanrìn yẹn. Ike funfun yìí wà lára ohun tí ìjọba Èkó rí kí Kọmíṣọ́nà fún Àyíká, Tokunbo Wahab, tó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé òun fòfin dè é, nítorí bó ṣe ń dí ojú gọ́tà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú omi dídọ̀tí ni eku ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú omi kò ṣeé sùn sí fún un. Ibi tó ń sùn ni ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, lókè ojú omi: níbi tí búlọ́ọ̀kù ògiri gọ́tà ti fọ́, tí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀, lábẹ́ ìdérí kọnkéré tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, àti nínú òkìtì ìdọ̀tí tí wọ́n kó jáde lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n fi sílẹ̀ létí gọ́tà, tí koríko ti hù lé lórí. Omi tó dúró ń fún un ní mímu, ìdọ̀tí tó léfòó ń fún un ní oúnjẹ, ògiri tó fọ́ ń fún un ní yàrá. Gọ́tà tó ń ṣàn, tí ògiri rẹ̀ le, kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí náà ló dáhùn ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń bèèrè lẹ́yìn òjò ńlá, irú èyí tó bo Lekki àti Victoria Island mọ́lẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2017: níbo ni gbogbo eku yìí ti wá? Wọn kò ti ibì kankan wá. Abẹ́ gọ́tà ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Omi kún ihò wọn, wọ́n sì sá gòkè wá sí ibi tó gbẹ, ìyẹn ilé ìdáná yín, ilé jẹnẹrétọ̀ àti yàrá mégáàdì. Bí eku bá yọ sínú ilé lẹ́yìn òjò, gọ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Ibí yìí ni ìkéde ara géètì ti máa ń kù díẹ̀ káàtó, nítorí kì í sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Ọmọkùnrin kan tó ń fi ṣọ́bìrì ṣí ìdérí gọ́tà ń ṣe ohun kan náà tí òjò ṣe: ó ń lé eku kúrò nínú ihò. Tí ilé kò bá tíì dí ihò tirẹ̀, inú ilé ni eku yẹn ń bọ̀. Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa fi ẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ wọn pé gọ́tà tí wọ́n kó ló mú eku wọlé, òdodo sì ni wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ yẹn dára, wọ́n kàn mú ìparí rẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí, ní òpópónà ilé 40 wa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, oúnjẹ àti ihò ilé ni kí wọ́n mójú tó. Dọ́sìbìnì tó ní ìdérí tó wọ̀ dáadáa ni kí ilé kọ̀ọ̀kan ní, nítorí eku ń gé ọ̀rá láàrin ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí bá ń bọ̀ ní òwúrọ̀ ni kí wọ́n gbé ìdọ̀tí síta, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ọkọ̀ bá pa ọjọ́ jẹ, kí ìdọ̀tí padà sínú ọgbà, kí ẹgbẹ́ sì ké sí ẹni tí LAWMA fún ní òpópónà náà. Bùkátérìà ní láti fi ajọ̀ kan sẹ́nu ibi tí omi àwo rẹ̀ ti ń jáde, kí oúnjẹ má bàa bá omi lọ. Ihò tí àtàǹpàkò bá ti lè wọ̀, eku lè gbà á wọlé: abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ojú ibi tí páìpù gba inú ògiri kọjá, ìdérí sọkawéè tó ti fọ́. Àkísà àti fóòmù kò dá a dúró. Kànìnkànìn irin tí wọ́n ki bọnú ihò, tí wọ́n sì fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú, ló ń dá a dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n to pàkúté sí etí gọ́tà àti ìdí ògiri, ẹnu pàkúté sí ara ògiri, nítorí eku máa ń fi irùngbọ̀n rẹ̀ tọ ògiri bó ṣe ń rìn. Eku gọ́tà máa ń fura sí ohun tuntun. Ó lè yẹra fún un fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nítorí náà, ẹ fi ẹja gbígbẹ tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sórí pàkúté fún ọjọ́ 3 sí 5 láìdẹ ẹ́, kó jẹ ẹ́, kó gbàgbé ìfura, kí ẹ tó wá dẹ gbogbo rẹ̀ ní alẹ́ kan náà. Alẹ́ yẹn ni ẹ ó mú èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló kan gọ́tà, láti ibi tó ti jáde lọ sí ojú pópó padà sẹ́yìn, kí omi lè máa rí ọ̀nà lọ bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ síwájú. Ilé tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè ń ti ẹrẹ̀ tirẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì ni. Ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde lè gbẹ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí wọ́n sì kó o sínú àpò lọ. Òjò kan ṣoṣo ló máa dá èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ padà sínú gọ́tà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí bíríkìlà wá dí gbogbo ibi tí búlọ́ọ̀kù ti fọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń dá owó dúró nìyí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni yàrá eku.

Ẹni tó bá wọ gọ́tà gbọ́dọ̀ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kì í ṣe nítorí òórùn. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní lẹputosipairosíìsì. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú kíndìnrín eku, ó ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì lè wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú omi tó dúró tàbí ẹrẹ̀ tútù. Ojú egbò ẹsẹ̀, ojú tàbí ẹnu ló ń gbà wọlé. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ibà á gbé ẹni náà, orí á máa fọ́ ọ, ojú rẹ̀ á pọ́n, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa dùn ún gan-an. Bó bá le, ojú á di ofeefee, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́. Ó jọ ibà ẹ̀fọn, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n máa lo oògùn ibà sí i láìsí ìyàtọ̀. Oògùn tó ń wò ó wà, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n dókítà ní láti ronú kàn án. Bí ibà bá gbé yín lẹ́yìn tí ẹ kó gọ́tà tàbí tí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán la omi àgbàrá kọjá, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó béèrè.

Ibà Lásà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn aráàlú jù. Lásà jẹ́ ìlú kan ní Borno, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ àrùn náà ní ọdún 1969. Oúnjẹ tàbí ohun èlò tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku kẹta yẹn ti kàn, àti omi ara ẹni tó ti ní in, ló ń gbé e. Oǹdó, Ẹdó, Bauchi àti Taraba wà lára ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ jù, pàápàá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èkó náà ti rí àwọn tó ní in. Nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ẹni tó kó o kì í mọ̀ ọ́n lára púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá le ń pa ènìyàn. Ẹ de gàárì, ìrẹsì àti ẹ̀wà mọ́ inú ike onídèérí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka orí yìí kó ní eku gọ́tà Ajah kò lè fa Lásà, nítorí náà kò sí ewu. Kò sẹ́ni tó ń dúró wo ọmú eku kó tó mọ irú èyí tó wọ ilé ìdáná òun.

Eku sì ti fìyà jẹ Èkó tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí iná ara eku ń gbé wọ ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ń padà wá fún ọdún mélòó kan. Òun ló sún ìjọba amúnisìn láti dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928, kí wọ́n lè wó àwọn ilé tó há mọ́ra ní Erékùṣù Èkó, kí wọ́n sì tún wọn tò.

Nípa òògùn eku, ẹ̀yà tó dára nínú wọn kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má dì mọ́, ó sì ń gba ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Àwọn tí kò mọ̀ á rò pé òògùn kò ṣiṣẹ́, wọ́n á wá da ọ̀tápíàpíà sínú ẹja. Ọ̀tápíàpíà wà fún kòkòrò, ó sì ń pa ọmọdé. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀ tó jẹ́ mílílítà 100. Ẹ má ṣe lò ó fún eku. Bí ẹ bá rí òkú eku, ẹ fi ìbọ̀wọ́ gbé e, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í. Ibi tí ìgbẹ́ eku bá wà, ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Ẹ po híípò ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́wàá, ẹ dà á sórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó fi bébà nù ún kúrò.

Báwo wá ni ẹgbẹ́ ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ náà yọrí? Kì í ṣe nípa kíka òkú eku. Ní ọdún 1902, ìjọba Faransé ní Hanoi sanwó fún ìrù eku kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń rí eku tí kò ní ìrù tó ń sáré kiri, nítorí àwọn kan ń gé ìrù wọn, wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè bí sí i. Ihò ni kí ẹ kà. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi bébà dí gbogbo ihò tó wà létí gọ́tà, kí ẹ má fi agbára dí i, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ ka èyí tí wọ́n ti ti bébà rẹ̀ síta. Ihò yẹn ní eku nínú. Ẹ ṣe é kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan àti lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ihò 30 ló ṣí ní àkọ́kọ́, tó di 6 lẹ́yìn oṣù kan, tó sì tún di 25 ní oṣù kẹta, oúnjẹ ti padà sílẹ̀, ẹ tún mú tọ́ọ̀ṣì yín, ẹ lọ wá ibi tó ti ń wá.

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé tó ń ka èyí, kí ìkéde yín tó ń bọ̀ kọ ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ gedegbe: ọjọ́ tí gbogbo ilé máa dí ihò, ọjọ́ tí ẹ máa dẹ pàkúté, ọjọ́ tí gọ́tà máa ṣí. Ẹ fi orúkọ bùkátérìà àti pulọ́ọ̀tì tí wọn kò tíì kọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní ẹ̀dà lọ́wọ́, kì í ṣe lára géètì nìkan.